Àga méje ló sọnù lóde kan ṣoṣo: báwo lẹ ṣe ń ka àga àti kánópì yín?

Ọmọ_Ìyá_Alága (Ṣómólú)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá mi ló ni ọgọ́rùn-ún àga rọ́bà funfun àti kánópì méjì tí wọ́n fi ń rẹ́ńtì fún àwọn ará àdúgbò wa ní Ṣómólú níbí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n báyìí, wọn ò lè máa tẹ̀lé ọkọ̀ kiri mọ́, ni wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn Iléyá. Mò ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àmọ́ ọjọ́ Sátidé mi ṣófo.

Òde àkọ́kọ́ tí mo kó wọn lọ, òde ìsìnkú ni, lápá Bàrígà. A dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn ọmọ méjì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ta kánópì, wọ́n to àga, mo sì padà sílé. Nígbà tí a máa fi padà lọ kó o lálẹ́, díìjéè ti gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ, kò sì sí iná ní gbogbo òpópónà náà. Iná fóònù la fi kó àga. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo tó kà á dáadáa. Àga 96 ló wálé, mẹ́ta nínú wọn kì í sì í ṣe tiwa, wọ́n ti fi wáyà di ẹsẹ̀ ọ̀kan. Ó já sí pé méje nínú tiwa ti lọ.

Ẹ bá mi wo owó rẹ̀. ₦150 ni mo gbà lórí àga kan, ₦12,000 lórí kánópì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦39,000. Ọkọ̀ lọ-bọ̀ gba ₦12,000, àwọn ọmọ méjèèjì gba ₦5,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ku ₦17,000 lọ́wọ́ mi. Mo wá lọ bèèrè irú àga tiwa lọ́jà, ₦9,000 ni wọ́n pe ẹyọ kan. Àga méje, ₦63,000. Ìyẹn ni pé màá ṣiṣẹ́ Sátidé mẹ́rin kí n tó dí ihò tí Sátidé kan gbẹ́. Mi ò tíì lè sọ fún ìyá mi.

Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Báwo lẹ ṣe ń ka àga yín tí kì í fi í sọnù? Èkejì, ṣé ọgọ́rùn-ún àga àti kánópì méjì tó ohun tí èèyàn ń fi pa owó, àbí kí n bẹ ìyá mi kí wọ́n jẹ́ ká tà á?

Ọ̀dọ́_Bàrígà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kí àga tó kúrò nílẹ̀, ẹ gba owó ìdúró tó tó iye àga náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Tó bá kó gbogbo rẹ̀ padà pé, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un. Tí kò bá pé, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra máákà dúdú, kí ẹ kọ orúkọ ìyá yín sí abẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé òun ló ni ín mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀gbẹ́dá

Àbúrò mi ní Bàrígà, ẹ bá mi ṣírò ohun tí ẹ sọ yẹn. Àga ọgọ́rùn-ún ní ₦9,000, ₦900,000 nìyẹn. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń sin bàbá rẹ̀, tó ti ra màlúù, tó ti sanwó alásè?

Èmi kò ní àga tí mo fi ń ṣòwò, èmi ni mo máa ń háyà, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Ọjọ́ tí a sọ àwọn ìbejì mi lórúkọ, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n já àga sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀kan nínú wọn wà lọ́wọ́ mi tí mò ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kó o wá pariwo láti ìta pé, "Mummy, àádọ́jọ ni o." Mo ní ó dáa. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n ní 142 làwọn rí, kí n san mẹ́jọ. Mo san án, nítorí mi ò fẹ́ ariwo níwájú àlejò. Àmọ́ títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá 150 yẹn dé ilé mi rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́ńtì, ẹ máa ń sọ pé àwa ni a ń jí àga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á níṣojú ẹnì kan.

Bàbá_Kánópì_Mushin

Ọmọ mi Ṣómólú, bá mi kí ìyá rẹ dáadáa. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Mushin, láti ìgbà tí àga onírin tó ń ká ṣì pọ̀ lóde. Tètè sọ fún ìyá rẹ. Kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí tí àga ò tíì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ á sì mọ ohun tí yóò sọ fún ọ jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn gan-an ni kókó. Àwọn èèyàn rò pé alẹ́ ni àga ń sọnù. Àárọ̀ ló ti ń sọnù, nígbà tí ìwọ àti onínáwó ò tíì fẹnu kò lórí iye tó délẹ̀. Tí o bá dé lálẹ́ tí o ní 100 ni, tí òun ní òun ò kà á, ìjà ló kù.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo ń kó àga mi wọ inú ara wọn, mi ò jẹ́ kí ìdì kan lé, mi ò sì jẹ́ kó dín. Àga ọgọ́rùn-ún, ìdì mẹ́wàá. Tí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ mi kì í tú ìdì kankan. Wọ́n á to gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á pe ẹnì kan nínú ilé jáde, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á fi ọwọ́ kan ìdì kọ̀ọ̀kan, á kà á. A ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí onínáwó lórí Wásáàpù lójú ẹsẹ̀, a ò sì ní tú u títí yóò fi dáhùn pé òun ti gbà á. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí onínáwó ò bá ráyè, kó sọ orúkọ ẹni tó máa dúró fún un.

Lálẹ́, ìdì mẹ́wàá náà lo tún máa tò kí ẹyọ kan tó wọ ọkọ̀. Má ṣe gbà kí wọ́n máa sọ àga sínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń rí i. Ibẹ̀ náà lo ti máa mọ èyí tí kì í ṣe tìrẹ. Àga tó ti ilé-iṣẹ́ kan náà wá máa ń wọ inú ara wọn tán, àlàfo kékeré kan náà ló máa wà láàárín wọn látòkè délẹ̀. Tí àga ẹlòmíràn bá wọ àárín wọn, kò ní jókòó. Ìdì yẹn á ga ju àwọn tó kù lọ, tàbí kó tẹ̀ sápá kan. To wọ́n sójú kan, bẹ̀rẹ̀, kí o wo orí wọn bí bíríkìlà ṣe ń wo ògiri. Nínú òkùnkùn pàápàá, o lè fi ọwọ́ ra etí àga láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí àlàfo bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni àlejò wà. Àwọn mẹ́ta tó bá ọ délé yẹn, bí o bá tò wọ́n níbẹ̀, o ò bá ti rí wọn, o ò bá sì ti béèrè ta ló tún kó àga wá sóde yẹn. Ìdajì ìgbà, onírẹ́ńtà méjì ni onínáwó pè, àga tìrẹ sì wà nínú ọkọ̀ ẹnì kejì.

Kí o sì dé ibẹ̀ kí díìjéè tó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Wá àga rẹ nínú yàrá, níbi tí wọ́n gbé àwọn arúgbó sí. Wá a nídìí ààrò, torí àwọn alásè máa ń jókòó lé e. Wá a níwájú ilé aládùúgbò, níbi tí àwọn kan ti gbé ọtí wọn lọ mu. Ìdí rẹ̀ tí o fi gbọ́dọ̀ rí i lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé tó bá fi di àárọ̀ Sọ́ńdè, àga tó wà níwájú ilé aládùúgbò ti di àga aládùúgbò.

Ọ̀dọ́_Bàrígà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Máákà tí mo sọ ńkọ́?

Bàbá_Kánópì_Mushin

Máákà yẹn, tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ fọ àga lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ nìyẹn. Ọ̀dà náà ń ṣí lára rọ́bà. Irin gbígbóná ni kí o fi sàmì. Wẹ́lídà á bá ọ tẹ ọ̀pá irin tín-ín-rín di lẹ́tà kan. Gbé e sínú iná kó gbóná, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pọ́n. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó àga, létí ibi tó nípọn, ka ení, èjì, kí o gbé e kúrò. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, èéfín rọ́bà ò dáa láti fà símú. Má fi kan ẹsẹ̀ àga, má sì fi kan ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó. Ibẹ̀ ló ń gbé ẹni tó jókòó. Ibi tí a bá ti jó níbẹ̀ ni àga yóò ti là. Mo ba ogún àga jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́n.

Ní ti owó ìdúró, ọ̀rọ̀ rẹ kọ́ ni kò dáa, iye tí o pè ló pọ̀ jù. Èmi máa ń gba ₦20,000 lórí àga ọgọ́rùn-ún, mo sì ń dá a padà lójú ẹsẹ̀ tí ìdì bá ti pé. Ohun tí mò ń fi owó yẹn rà ni pé kí onínáwó fúnra rẹ̀ rán àwọn ọmọ ilé lọ wá àga. Tí kò bá ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ nìkan ni wàá máa fi fóònù wá àga kiri lálẹ́.

Oníkámẹ́rà_Súúrùlérè

Ẹ kú ìjíròrò o. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń wá ohun tí èèyàn lè máa rẹ́ńtì tí kò ní gba ọkọ̀ akẹ́rù, kámẹ́rà ni kí ẹ fi owó ṣe. Èmi ń fi kámẹ́rà kan àti lẹ́ńsì méjì rẹ́ńtì fún àwọn ayàwòrán. Inú báàgì kan ló ń wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹnì kan gbé e lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dá a padà ní Sọ́ńdè, gbogbo rẹ̀ pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣàkíyèsí pé bátìrì ò lo wákàtí kan mọ́. Wọ́n ti gba bátìrì ojúlówó mi, wọ́n fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Mi ò kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, mi ò lè sọ nǹkan kan. Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ gbé e fún ẹnikẹ́ni, èmi àti onítọ̀hún á jọ ya fídíò nọ́ńbà tó wà lára kámẹ́rà, lẹ́ńsì, bátìrì, títí dé orí ṣájà. A ó tan iná sínú lẹ́ńsì kí á rí i pé kò sí ìlà kankan lójú rẹ̀.

Ọmọ_Ìyá_Alága (Ṣómólú)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n oníkámẹ́rà. Àga ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn wọ̀ mí létí. Bàbá, ṣé kí n kọ nọ́ńbà sára àga kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 100?

Bàbá_Kánópì_Mushin

Má wulẹ̀ ṣe wàhálà yẹn lórí àga. Ta ló máa dúró ka nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún lálẹ́? Ìdì mẹ́wàá tó.

Kánópì ni kí o ṣe é fún. Ìwọ ní méjì, ọ̀pá wọn sì lè jọra kó má bára mu. Kun orí àwọn ọ̀pá kánópì àkọ́kọ́ ní pupa, ti èkejì ní búlúù, àti àwọn irin ìsopọ̀ igun wọn. Ka gbogbo rẹ̀ nílé, kí o kọ iye rẹ̀ sára àpò tó ń gbé e: ọ̀pá, ìsopọ̀, okùn, àti tapólì. Àwọn ìsopọ̀ kékeré yẹn ló máa ń ṣẹ́kù sínú koríko. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, kánópì yẹn ò ní dúró ní Sátidé tó ń bọ̀, wàá sì dá owó onínáwó padà.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè odò níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ koríko. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kọ́ńkéré tàbí ọ̀dà ni gbogbo ilẹ̀, èèkàn ò ṣeé kàn. Mo fẹ́ fi tiwa kún un torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 la máa ń pọn omi kún, a ó fi okùn so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ kánópì kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún wúwo tó báàgì ìrẹsì kékeré. Àwọn kan máa ń so okùn mọ́ òpó iná tàbí mọ́ géètì onílé, ẹ má ṣe é. Tí atẹ́gùn bá fa kánópì, géètì onílé ló máa bá a lọ.

Ẹ sì wo òkè kí ẹ tó gbé ọ̀pá dìde. Wáyà iná ò ga ní àwọn òpópónà wa, ọ̀pá irin sì ni kánópì fi ń dúró. Èmi máa ń ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn tí kò ní gbé nǹkan kan, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa wo wáyà. Tí àyè tó wà láàárín wáyà àti orí kánópì bá ti ń kọ mí lóminú, mo ń sọ fún onínáwó pé ẹ jẹ́ ká sún un, tí kò bá gbà, mo ń kó ẹrù mi padà.

Ìjì ló sì máa ń ṣáájú òjò. Tí ẹ bá ti rí i tí ìdọ̀tí ń yí lójú títì, tí tapólì ń lu ara rẹ̀, ẹ bẹ àwọn àlejò kí wọ́n bọ́ sí abẹ́ ilé, ẹ yọ ẹsẹ̀ kánópì kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin máa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nínú ìjì ò bọ́gbọ́n mu.

Bàbá_Kánópì_Mushin

Òótọ́ lo sọ, ọmọ Èkó. Mo fi kan kún un. Tí òjò bá rọ̀ láìsí ìjì, omi máa ń gbá jọ sí ibi tí tapólì bá ti rọ̀. Fi aṣọ wé orí igi, kí o tì í láti abẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí omi dà sí ẹ̀gbẹ́, kó tó pọ̀. Tí o bá dúró títí ó fi kún, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ọ̀pá. Má sì ká tapólì tútù kí o gbàgbé rẹ̀ sínú àpò di Sátidé. Ta á sórí okùn tàbí sórí fẹ́ńsì ní Sọ́ńdè. Tí èbu bá ti mú un, kò sí ọṣẹ tó máa gbé òórùn yẹn lọ, kò sì sí ìyàwó tó máa fẹ́ jókòó lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kejì. Má tíì ta á. Wo ìṣírò tí o kọ sókè yẹn dáadáa. Àga ò pa ọ́ lára tó bí ọkọ̀ àti alágbàṣe ṣe pa ọ́ lára. Ọkọ̀ tó kó 100 lè kó 200, iye kan náà ló sì máa gbà. Ìwọ san ₦22,000 nítorí kí o lè gba ₦39,000.

Àwa tí àga wa pọ̀, kì í tó wa ní Sátidé. Òde mẹ́ta lè bọ́ sí ọjọ́ kan. A máa ń gbà lọ́wọ́ ara wa, oníṣẹ́ sí oníṣẹ́. Èmi á wá kó o lẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú ọkọ̀ mi àti àwọn ọmọ mi, màá dá a padà síbẹ̀. Mi ò ní san ₦150, ₦80 ni màá san lórí àga, ₦8,000 lórí kánópì. Ṣírò rẹ̀.

Ọmọ_Ìyá_Alága (Ṣómólú)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò rẹ̀ tán. Àga, ₦8,000. Kánópì méjì, ₦16,000. Ó jẹ́ ₦24,000, mi ò sì ní san owó ọkọ̀ tàbí ti alágbàṣe. Ó fi ₦7,000 ju ohun tó kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn lọ, mi ò sì kúrò nílé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé mo ṣì í kà.

Alága_Agége

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òtítọ́ tó wà níbẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Onírẹ́ńtà ńlá kan ń gba àga 150 lọ́wọ́ mi ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Oṣù méjì ló fi ń sọ pé onínáwó ò tíì san fún òun. Nígbà tí mo kó àga mi kúrò, ẹ̀gbin ti bò ó, òróró sùúyà ti wọ̀ ọ́ lára, mẹ́sàn-án ti là. Àti pé lóṣù Ààwẹ̀, nígbà tí òde bá dín, àga tiyín ni kò ní kúrò nílẹ̀ rárá, torí tirẹ̀ á tó o. Oníbàárà tiyín ni ẹ máa wá, ẹ má fi ọjà yín sí abẹ́ ẹlòmíràn.

Bàbá_Kánópì_Mushin

Kò purọ́. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìdì kankan wọ ọkọ̀ kí owó tó wọlé. Tí ó bá fi owó ránṣẹ́, má wo àlẹ́ẹ̀tì tó fi hàn ọ́ lórí fóònù tirẹ̀. Wo iye tó wà nínú àkáǹtì tìrẹ. Oníṣẹ́ sí oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ka ìdì lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ní lílọ àti ní bíbọ̀.

Àmọ́ àbúrò mi Agége, ẹni tó ní 100 ò lè gba òde ènìyàn 300. Kí ló fẹ́ ṣe tí onínáwó bá bèèrè 300? Òun náà á lọ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ohun tí mo máa gbà á nímọ̀ràn ni pé kó mú àwọn òde kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìsọmọlórúkọ, ìpàdé ẹbí, ibi tí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lè gbé e dé, kó sì fi èyí tó jìnnà sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀.

Alága_Agége

Ní ti òde kékeré, mo gbà pẹ̀lú yín. Ní ti kí ó gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mi ò gbà.

Aláṣọ_Àga_Yábàá

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń san àga tó bá là? Ẹ ò tíì sọ ìyẹn. Èmi ń wọ aṣọ fún àga, mo máa ń tètè dé òde, mo sì ń rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń ta òdòdó àti aṣọ mọ́ kánópì máa ń gun orí àga dípò àkàbà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró létí rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ táìlì tó tutù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga á là sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Tí ẹni tó sanra bá dé, mo máa ń wọ àga méjì sínú ara wọn kí n tó fi aṣọ bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ojú ò sì ní ti àlejò wa.

Bàbá_Kánópì_Mushin

Tó bá là lóde, onínáwó ló máa san án. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀gbẹ́dá

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Àga wo? Àga tó ti wà nínú oòrùn lọ́dún mẹ́rin, tí èèyàn bá fi ọwọ́ pa á tí lẹ́búlẹ́bú funfun ń bá a lọ́wọ́, tó sì là lábẹ́ àbúrò mi tó jókòó jẹ́jẹ́? Ṣé èmi ni màá san àga tuntun fún yín? Ẹni tó gùn ún, kó san. Ẹni tó jókòó lé e bí a ṣe ń jókòó, kí ló ṣe?

Bàbá_Kánópì_Mushin

Lẹ́búlẹ́bú yẹn, òótọ́ ni, àga tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbẹ, kò yẹ kó jáde mọ́. Tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú díẹ̀, tó bá ń dún kẹ́kẹ́, yọ ọ́ kúrò nínú ìdì. Àmọ́ ta ló máa jẹ́rìí fún mi pé àbúrò yín jókòó jẹ́jẹ́? Ibẹ̀ la máa ń bá ara wa jà.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀gbẹ́dá

Àga tó ti fọ́ fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí. Ẹ wò ó bóyá ojú ibi tó là ti dúdú pẹ̀lú ìdọ̀tí. Tó bá ti dúdú, ó ti là kó tó dé ilé mi.

Alága_Agége

Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára o. Mi ò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ_Ìyá_Alága (Ṣómólú)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti Bàbá, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí. Mo ti sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní kò burú, pé kí ni mo rò pé ó ń mú kí àwọn máa ra àga tuntun lọ́dọọdún.

Wẹ́lídà kan ní Ṣómólú tẹ irin náà di "A" fún mi. A sàmì sí àga 93. Mo yọ mọ́kànlá tó ń dún kẹ́kẹ́ kúrò, ó ku 82, nítorí náà ìdì mẹ́jọ ni mò ń rẹ́ńtì, méjì ṣẹ́kù sílé fún ẹni tó bá sanra. Sátidé tó kọjá, a ṣe ìsọmọlórúkọ kan ní òpópónà kẹta sí tiwa. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ló gbé e, ìrìn méjì lọ, méjì bọ̀, ₦4,000. Ọmọbìnrin ilé ló ka ìdì mẹ́jọ níṣojú mi, ó fi Wásáàpù dáhùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo padà débẹ̀, ilẹ̀ ṣì mọ́. Ìdì méje ló pé, ìkẹjọ jẹ́ mẹ́sàn-án. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà, ó sáré wọlé, ó gbé e jáde láti inú yàrá ìyá ìyá rẹ̀. Mo rí lẹ́tà "A" tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo tún padà lọ sí òde ìsìnkú yẹn ní Bàrígà. Mo kó àga mẹ́ta tó bá mi wálé dání. Ilé náà fún mi ní nọ́ńbà onírẹ́ńtà kejì tí wọ́n pè lọ́jọ́ náà, mo sì ti pè é. Ó ní òun rí àga funfun mẹ́rin nínú tòun tí kò jókòó dáadáa, pé kí n wá wò ó ní Sọ́ńdè. A ò tíì sàmì sí wọn nígbà yẹn, torí náà mi ò mọ ohun tí màá fi hàn án pé tiwa ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé ọ̀kan nínú tiwa dání, tí mo sì wọ̀ ọ́ sínú tirẹ̀ níṣojú rẹ̀, ṣé ìyẹn á tó?